Mélòó ló yẹ kí n gbà nínú ẹgizámẹ̀? Àwòrán máàkì mi rèé

Àbẹ̀kẹ́_Àjàṣẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Kọ́ọ̀sì ìṣirò owó, `Comptabilité générale`, ló ń dà mí láàmú. Ẹgizámẹ̀ ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Mo ya àwòrán ojú-ewé máàkì mi lórí fóònù, òun ni mo fi sísàlẹ̀ yìí. Mo gba 17 nínú dẹ́fúwà kìíní, 8 nínú ìkejì, 12 nínú `TP`. Mélòó ni kí n gbà nínú ẹgizámẹ̀ kí n tó ní 10 lórí 20? Mo ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ó jẹ́ 37, ṣùgbọ́n `12,25` ni ojú-òpó ilé-ìwé kọ síbẹ̀. N kò mọ èyí tí n bá tẹ̀ lé.

Akọ̀wé_Wàndó

Àbúrò, kọ́kọ́ yọ àwòrán yẹn kúrò ná. Orúkọ rẹ àti nọ́ńbà matirikúùlù rẹ hàn gbangba lókè rẹ̀, a ò sì mọ gbogbo ẹni tó ń kàwé níbí. Gé orí rẹ̀ dànù kó o tó dá a padà. Nǹkan kejì ni pé ọwọ́ ọ̀tún àwòrán náà ti gé. Mo rí máàkì, n kò rí bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ṣe wọ̀n tó. Dá fóònù rẹ dùbúlẹ̀ kí ojú-ewé náà fẹ̀ sí i, tàbí kó o fi ìka fà á sí òsì, wàá rí òpó kan sí i.

Ọmọ_Ṣábẹ

Kí ló tún kù tí a ń wá? Mo ti rí i kó tó yọ ọ́. 17 lórí 20. 8 lórí 10, ìyẹn 16 lórí 20. 12 lórí 30, ìyẹn 8 lórí 20. Ro 17, 16 àti 8 pọ̀, 41. Pín in sí 3, ó lé díẹ̀ ní 13 àbọ̀. Máàkì rẹ dáa ju ohun tí ojú-òpó kọ lọ. Lọ bá wọn pé wọ́n ti yọ ọ́ jẹ.

Àbẹ̀kẹ́_Àjàṣẹ́

Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé, mo ti yọ ọ́. Mo dá fóònù dùbúlẹ̀ lóòótọ́, òpó kan sì yọ. Kí n má tún fi orúkọ mi síta, mo kúkú tẹ ohun tí mo rí:

```
Comptabilité générale
Devoir 1      17/20    10 %
Devoir 2       8/10    10 %
TP            12/30    20 %
Exposé          -      10 %
Examen          -      50 %
Moyenne provisoire   12,25/20
```

Ẹ̀gbọ́n Ọmọ Ṣábẹ, mo fẹ́ lọ bá wọn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó dá mi lójú ná.

Oníṣirò_Kétu

Àbẹ̀kẹ́, má tíì lọ bá ẹnikẹ́ni. 12,25 yẹn tọ̀nà.

Kí ló dé tí 37 tìrẹ kò fi bá a mu? Ohun tí kò dọ́gba lo rò pọ̀. 17 wà lórí 20, 8 wà lórí 10, 12 wà lórí 30. Ẹni tó da kóńgò gàrí kan mọ́ agolo gàrí kan kò lè sọ pé kóńgò méjì lòun ní. Ọmọ Ṣábẹ ti ṣe apá yẹn dáadáa: ó gbé gbogbo wọn wá sórí 20, wọ́n di 17, 16 àti 8. Wò ó bí `TP` ṣe fi ara pa mọ́ fún ọ. 12 dà bí ẹni pé ó ju 8 lọ, àmọ́ bí o bá gbé méjèèjì sórí 20, `TP` lo ti ṣe dáadáa kéré jù.

Ibi tí Ọmọ Ṣábẹ ti yà ni pé ó pín in sí 3, bí ẹni pé máàkì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lágbára bákan náà. Òpó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ yẹn sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. 10, 10, 20, 10, 50: mú òdo ìdí wọn kúrò, ó di 1, 1, 2, 1, 5, àpapọ̀ rẹ̀ 10. Ìyẹn ni pé ẹ̀ẹ̀kan ni wọn yóò ka dẹ́fúwà kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọn yóò ka `TP`, ẹ̀ẹ̀kan ni `Exposé`, ẹ̀ẹ̀márùn-ún sì ni ẹgizámẹ̀. Nínú èyí tó ti jáde, o ní 17, o ní 16, o sì ní 8 lẹ́ẹ̀mejì. 17 + 16 + 16, ó jẹ́ 49. Ìwọ̀n tó ti jáde jẹ́ 4. Pín 49 sí 4, 12,25 lo máa rí. `TP` tí o ṣe dáadáa kéré jù ni wọ́n kà lẹ́ẹ̀mejì, òun ló fà ọ́ wálẹ̀ láti 13 àbọ̀.

Ó wá ku ohun tí o bi wá. Kí o tó ní 10 níparí, àpapọ̀ rẹ gbọ́dọ̀ pé 100, torí pé ìwọ̀n gbogbo rẹ̀ jẹ́ 10. O ti ní 49 lápò, ó ku 51. Ibi méjì péré ni 51 yìí ti lè wá: `Exposé` tí a ó kà lẹ́ẹ̀kan, àti ẹgizámẹ̀ tí a ó kà lẹ́ẹ̀márùn-ún. Bí a bá kọ ọ́ sílẹ̀:

```
Examen = (51 - Exposé) / 5
```

Ìdí nìyẹn tí n kò fi lè fún ọ ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Kí ló ṣẹlẹ̀ sí `Exposé`? Ṣé o ti ṣe é tí wọn kò tíì fún yín ní máàkì, àbí o kò ṣe é?

Ọmọ_Ṣábẹ

Tíṣà, ẹ ń fa ọ̀rọ̀ gùn. Ẹ ti gbà pé 12,25 tọ̀nà. Iṣẹ́ inú kíláàsì jẹ́ ìdajì, ẹgizámẹ̀ jẹ́ ìdajì. Ìdajì 12,25 jẹ́ 6,125. Yọ ọ́ kúrò nínú 10, ó ku 3,875. Sọ ọ́ di méjì, 7,75. Kó lọ gba 7,75, ó tán. Kí la tún ń fi `Exposé` ṣe?

Ìyá_Ìbejì_Kétu

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákun, èmi náà ní ìbéèrè. Àwọn ọmọ mi wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì níbí ní Kétu. Tiwọn, wọ́n máa ń wá àárín àwọn ìntẹ̀ró, wọ́n á ro ó mọ́ dẹ́fúwà méjì, wọ́n á pín in sí 3. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á wá fi kòẹfísíàn sọ ọ́ di púpọ̀. Kò sí ìdá ọgọ́rùn-ún kankan níbẹ̀. Ṣé wọ́n ń ṣì í ṣe fún àwọn ọmọ wa ni?

Oníṣirò_Kétu

Rárá, ìyá wa, ẹ fọkàn balẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwọn, àárín ìntẹ̀ró àti dẹ́fúwà méjèèjì lágbára bákan náà, torí náà pípín sí 3 tọ̀nà. Kòẹfísíàn tí ẹ rí wà láàárín iṣẹ́ kan sí iṣẹ́ kejì, bí ìṣirò sí ìtàn, kì í ṣe láàárín dẹ́fúwà kan sí èkejì. Ti Àbẹ̀kẹ́, inú kọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ni ìwọ̀n náà wà. Ṣùgbọ́n ohun kan náà ni wọ́n ń ṣe: 1, 1, 2, 1, 5 tí mo kọ lókè, kòẹfísíàn gan-an ni, wọ́n kàn kọ ọ́ ní ìdá ọgọ́rùn-ún sójú-òpó tirẹ̀ ni.

Ọmọ Ṣábẹ, ìṣirò rẹ kò lábùkù, ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni ká yọ síta. Nígbà tí o fi 12,25 ṣe ìdajì odindi, o ti fún ọmọ yìí ní 12,25 nínú `Exposé` tí ẹnikẹ́ni kò tíì fún un ní máàkì. Fi 12,25 sínú ìlà mi, wàá rí i: 51 yọ 12,25, ó ku 38,75, pín in sí 5, 7,75 náà ló jáde. Ìdáhùn rẹ tọ̀nà fún ẹni tó bá gba 12,25 nínú `Exposé`. Bó bá wá jẹ́ 6 ni wọ́n fún un ńkọ́? 51 yọ 6 jẹ́ 45, pín in sí 5, 9 ló nílò. Bó bá sì gbẹ́kẹ̀ lé 7,75, àpapọ̀ rẹ̀ máa jẹ́ 93,75, ìyẹn 9,375 níparí. Ó ṣubú nìyẹn, ìyàlẹ́nu ló sì máa jẹ́ fún un.

Àmì `-` yẹn ló yẹ kí gbogbo ẹni tó ń ka irú àwòrán báyìí kọ́kọ́ fojú sí. Kò sọ pé òdo ni, kò sì sọ pé àárín máàkì rẹ ni. Ó kàn ń sọ pé nǹkan kan ń bọ̀. Bí o bá sì fẹ́ mọ ohun tí ojú-òpó tìrẹ fi í ṣe, wo àárín tó kọ sísàlẹ̀. Ká ní ó ka `Exposé` sí òdo tó sì fo ẹgizámẹ̀, 49 pín sí 5 ni ì bá kọ, ìyẹn 9,80. Ká ní ó ka méjèèjì sí òdo, 4,90 lò bá rí. 12,25 lo rí, nítorí náà ó fo méjèèjì, ó sì pín sí ìwọ̀n 4 tó ti jáde nìkan. Àwọn ojú-òpó mìíràn wà tó máa ń ka àìsí máàkì sí òdo, ẹ̀rù á ba akẹ́kọ̀ọ́ láìnídìí.

Ọmọ_Ṣábẹ

Mo gbọ́. Síbẹ̀, mo ṣì ní kó lo 7,75. Ẹni tó ti ń gba 12 bọ̀, kí ló máa mú un gba 6?

Oníṣirò_Kétu

`TP` rẹ̀ jẹ́ 8 lórí 20, arákùnrin. Ó ti gba tó kéré sí 12 rí nínú kọ́ọ̀sì yìí kan náà.

AráÌpókíá

Ẹ kúuṣẹ́ o. Èmi náà ń kàwé ní Àjàṣẹ́, ilé-ìwé aládàáni tó ń fi èdè Òyìnbó kọ́ni. Tiwa kò ní 20. 22 ni wọ́n kọ fún mi nínú iṣẹ́ kíláàsì, ẹgizámẹ̀ jẹ́ 70, 45 la sì fi ń yege nílé-ìwé wa. Mo ṣe bí tíṣà ṣe wí: mo mú 22, mo wá ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, ó jẹ́ 6,6. 45 yọ 6,6 jẹ́ 38,4. Ṣé lóòótọ́ ni mo gbọ́dọ̀ gba 38,4 nínú 70? Ìyẹn ju ìdajì lọ!

Oníṣirò_Kétu

AráÌpókíá, kí ni wọ́n kọ síwájú 22 yẹn gan-an? Ṣé `22/30` ni, àbí `22/100`?

AráÌpókíá

`CA 22/30`.

Oníṣirò_Kétu

Ó tán. Wọ́n ti wọn 22 yẹn kó tó dé ọwọ́ rẹ. 30 tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ni ìwọ̀n rẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún, ìwọ sì tún wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Ohun tó kù fún ọ ni 45 yọ 22, ìyẹn 23 nínú 70. Bí o ṣe lè mọ̀ ọ́n nígbà mìíràn: ro nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ àwọn máàkì pọ̀. 30 àti 70 jẹ́ 100 gééré, èyí fi hàn pé wọ́n ti wọ̀n ọ́n tán, àròpọ̀ lásán ló kù. Ti Àbẹ̀kẹ́, 20 àti 30 kò bá òpó ìdá ọgọ́rùn-ún mu, 10 ti dẹ́fúwà kejì nìkan ló ṣèèṣì bá a mu, èyí fi hàn pé a ṣì ní láti wọ̀n ọ́n.

Àbẹ̀kẹ́_Àjàṣẹ́

Ẹ ṣeun gan-an, tíṣà. A ti ṣe `Exposé`, èmi àti àwọn mẹ́ta mìíràn, lójú gbogbo kíláàsì. Wọn kò tíì kọ máàkì síbẹ̀ ni. Wọ́n bi mí ní ìbéèrè kan lórí bí a ṣe ń kọ gbèsè oníbàárà sínú ìwé, mo dáhùn díẹ̀, mo sì kọsẹ̀ díẹ̀. Ọ̀kan nínú wa ní 14 la máa gbà, òmíràn ní kó má ju 10 lọ.

Mo tún wo ìwé òfin kọ́ọ̀sì tí wọ́n fún wa ní ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tí kò bá gba 7 nínú ẹgizámẹ̀ ti ṣubú, iye tó wù kí àárín rẹ̀ jẹ́. Olùkọ́ wa kì í sì í fún ni ní máàkì mìíràn àfi odindi tàbí àbọ̀: ó lè fún ọ ní 7 tàbí 7,5, kì í fúnni ní 7,4.

Oníṣirò_Kétu

O ṣe é dáadáa bí o ṣe wá ìwé yẹn. Nǹkan méjèèjì yẹn kò lè hàn nínú àwòrán ojú fóònù láéláé, wọ́n sì lè yí ìdáhùn padà.

Bí `Exposé` bá jẹ́ 10, 51 yọ 10 jẹ́ 41, pín in sí 5, 8,2. Olùkọ́ yín kì í fúnni ní 8,2, nítorí náà 8,5 lo ń lé. Bó bá jẹ́ 14, 7,4 ló jáde, 7,5 lo ń lé. Máa gbé e lọ sókè nígbà gbogbo, má gbé e wálẹ̀, torí 7 tí o bá gbà dípò 7,4 máa mú àpapọ̀ rẹ jẹ́ 98, ìyẹn 9,8. Bí o bá sì fẹ́ mọ èyí tó burú jù, fi òdo síbẹ̀: 51 pín sí 5, 10,2. Ẹni tó ń múra sílẹ̀ fún 10,5 kò ní ohun tó ń bà á lẹ́rù nínú `Exposé` mọ́.

Ẹnu ọ̀nà 7 yẹn kò ní dí ọ lọ́wọ́ àyàfi bí `Exposé` bá kọjá 16. Ní 16, ìlà wa fúnra rẹ̀ máa sọ 7. Ní 18, ìlà náà á sọ 6,6, ṣùgbọ́n ìwé òfin á ní 7, ti ìwé òfin ni kí o tẹ̀ lé.

Ọ̀rọ̀ tí o kò béèrè: wo ohun tó ṣì ṣeé ṣe ju 10 lọ. Bí o bá fẹ́ 12 níparí, 120 ni àpapọ̀, o ti ní 49, ó ku 71. Bí o bá fẹ́ 14, ó ku 91. Bí o bá fẹ́ 16, ó ku 111. Yọ `Exposé` kúrò nínú èyíkéyìí, pín in sí 5. Pẹ̀lú `Exposé` 14, ẹni tó fẹ́ 12 gbọ́dọ̀ gba 11,4, ẹni tó fẹ́ 16 gbọ́dọ̀ gba 19,4. Pẹ̀lú `Exposé` 10, ẹni tó fẹ́ 16 máa rí 20,2, kò sì sí 20,2 lórí 20. Nígbà tí ìlà náà bá fún ọ ní ohun tó ju 20 lọ, ẹgizámẹ̀ nìkan kò lè gbé ọ débẹ̀ mọ́.

Akọ̀wé_Wàndó

Ẹ jẹ́ kí n fi ti ẹ̀rọ kún un. Nínú ṣọ́ọ̀bù mi, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń wá kí n fi tábìlì Ẹ́sẹ́ẹ̀lì ṣe irú èyí fún wọn. Kọ máàkì orí 20 sí `B2` dé `B6`, kọ ìwọ̀n rẹ̀ sí `C2` dé `C6`, kí o wá tẹ èyí bí ẹ̀rọ rẹ bá wà ní èdè Faransé:

```
=SOMMEPROD(B2:B6;C2:C6)/SOMME(C2:C6)
```

Kọ 14 síwájú `Exposé`, kí o máa pààrọ̀ máàkì ẹgizámẹ̀ títí ìdáhùn á fi pé 10. Kíyè sí nǹkan méjì. Bí o bá fi ibi ẹgizámẹ̀ àti `Exposé` sílẹ̀ lófìfo, ẹ̀rọ á kà wọ́n sí òdo, 4,9 lá kọ sójú rẹ. Kì í ṣe pé máàkì rẹ bàjẹ́, ohun tí tíṣà sọ nípa àmì `-` ló ṣẹlẹ̀. Èkejì ni àmì tó ń ya àbọ̀ sọ́tọ̀. Lórí ẹ̀rọ tó wà ní èdè Faransé, `7,5` ni a ń tẹ̀. Bí o bá tẹ `7.5`, ẹ̀rọ náà lè kà á sí ọ̀rọ̀ lásán, kó sì fi òdo dípò rẹ̀ láìsọ fún ọ. Bí o bá rí nọ́ńbà tó lẹ̀ mọ́ ọwọ́ òsì àpótí rẹ̀ nígbà tí àwọn tó kù wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ibẹ̀ ni kí o lọ wò.

Akẹ́kọ̀ọ́_Sàkété

Mo ń ka gbogbo rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Tèmi, ojú-òpó gan-an ló ṣì í kọ. Mo gba 9 lórí 10 nínú dẹ́fúwà kan, ẹni tó tẹ máàkì wọlé gbàgbé láti yí ìsàlẹ̀ rẹ̀ padà, 9 lórí 20 ló wà níbẹ̀. Àárín mi ló já wálẹ̀ tí mo fi fura. Mo mú bébà dẹ́fúwà náà lọ, wọ́n sì tún un ṣe lójú mi. Tíṣà, ǹjẹ́ irú èyí lè ṣẹlẹ̀ sí Àbẹ̀kẹ́?

Oníṣirò_Kétu

Ó lè ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni, àmọ́ kò tíì ṣẹlẹ̀ sí i. Ká ní wọ́n ka 8 rẹ̀ sí 8 lórí 20, àpapọ̀ rẹ̀ ì bá jẹ́ 17 + 8 + 16, ìyẹn 41, pín in sí 4, 10,25. 12,25 ló wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi pé kí wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣírò àárín tí ojú-òpó kọ kí wọ́n tó lò ó. Bó bá bára mu, ó dáa. Bí kò bá bára mu, wo ìsàlẹ̀ máàkì kọ̀ọ̀kan kí o tó wo ohun mìíràn, kí o sì tọ́jú bébà rẹ.

Àbẹ̀kẹ́_Àjàṣẹ́

Máàkì `Exposé` ti jáde láàárọ̀ yìí! 13 ni wọ́n fún wa. `Moyenne provisoire` ti di `12,40`. Mo ṣírò rẹ̀ fúnra mi: 49 àti 13 jẹ́ 62, ìwọ̀n tó ti jáde di 5, 62 pín sí 5 jẹ́ 12,4. Ó bára mu.

Ẹgizámẹ̀: 51 yọ 13 jẹ́ 38, pín in sí 5, 7,6. Olùkọ́ wa kì í fúnni ní 7,6, nítorí náà 8 ni. Ó sì ti kọjá ẹnu ọ̀nà 7. Bí mo bá fẹ́ 12, 71 yọ 13 jẹ́ 58, pín in sí 5, 11,6, ó di 12. 12 ni mo ń lé o.

Tíṣà, bí mo bá gba 7,5 ńkọ́? Mo rí i pé àpapọ̀ mi á jẹ́ 99,5, ìyẹn 9,95. Ṣé wọn ò ní kà á sí 10?

Ọmọ_Ṣábẹ

Wọ́n á kà á. Ta ló máa ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọmọ nítorí ìdá kan péré nínú ogún máàkì kan ṣoṣo?

Oníṣirò_Kétu

Má fọkàn sí i. Ojú-òpó tìrẹ ń kọ nọ́ńbà méjì lẹ́yìn kọ́mà, 9,95 ló máa kọ, ohun tó kù wà lọ́wọ́ àwọn tó ń jókòó lórí èsì. Àwọn kan ń fi kún un, àwọn kan kì í fi kún un. Ojú-òpó mìíràn tó ń kọ nọ́ńbà kan ṣoṣo lè fi 10,0 hàn ọ́, kó jẹ́ pé 9,95 ló wà nínú rẹ̀. Lé 8, o bọ́.

Ìyá_Ìbejì_Kétu

Ọlọ́run á ṣe é ní rere, ọmọ mi. Ẹ dákun, bí ẹnì kan bá wá ṣubú ńkọ́, tó lọ ṣe ratirapáàjì? Ṣé ìṣirò yìí náà ni? Ẹ̀gbọ́n àwọn ìbejì ń lọ ṣe é.

Oníṣirò_Kétu

Ìyá wa, ó dúró lórí ohun tí ilé-ìwé rẹ̀ ṣe sí máàkì inú kíláàsì. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀, tó jẹ́ pé máàkì tuntun kàn gba ipò ẹgizámẹ̀ ni, ìlà kan náà ni: ká ní Àbẹ̀kẹ́ ni, 7,6 náà ló máa wá. Bí wọ́n bá pa máàkì inú kíláàsì rẹ́, tó jẹ́ pé ratirapáàjì nìkan ló dúró, 10 odindi ló gbọ́dọ̀ gbà, `Exposé` rẹ̀ kò ní ràn án lọ́wọ́ rárá.

Akẹ́kọ̀ọ́_Sàkété

Níbi tiwa, wọ́n fi í sílẹ̀.

AráÌpókíá

Níbi tiwa, wọ́n pa á rẹ́. Ẹgizámẹ̀ nìkan ni wọ́n kà fún ẹ̀gbọ́n mi.

Oníṣirò_Kétu

Ẹ rí i. Ìyá wa, ẹ ní kí ọmọ lọ béèrè ní ọ́fíìsì tó ń rí sí máàkì kó tó ṣí ìwé, kó sì bi wọ́n bóyá ẹnu ọ̀nà bíi 7 wà nínú ratirapáàjì náà. Bí ẹ bá rí ìdáhùn, ẹ kọ ọ́ síbí pẹ̀lú máàkì inú kíláàsì rẹ̀ àti ìwọ̀n wọn, a ó jọ ṣírò rẹ̀.